Ìkéde Tó Ń Gbé Ìfúnpá Sókè

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí gbólóhùn kan ti ń jà lọ́kàn mi. Inú ìkéde tí ilé ìwòsàn kékeré kan kọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo ti kà á. Wọ́n gbé ìkéde náà fún mi pé kí n bá wọn tún un kọ, nítorí pé àwọn aláìsàn ń ráhùn pé ó ń já àwọn láyà. Ẹ jẹ́ kí n kọ gbogbo rẹ̀ síbí, kò kúkú gùn:

“Ẹ̀jẹ̀ ríru, apani láìfọhùn! Kò ní àmì, kò ní ìkìlọ̀. Bí ìfúnpá rẹ bá ti kọjá 140/90, ikú ti ń kan ilẹ̀kùn. Ewu àrùn rọpárọsẹ̀ rẹ ti di ìlọ́po méjì. Má fi ẹ̀mí rẹ tafàlà, wá ṣe àyẹ̀wò lónìí!”

Gbólóhùn tí wọ́n ti dárúkọ ikú ló ń dà mí láàmú. Mo kọ́kọ́ rò pé irọ́ ni mo máa bá nídìí rẹ̀, tí n óò sì kàn pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ ìkéde náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, òótọ́ kan wà lábẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà ní àmì. 140/90 ni àlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò. Bí ìfúnpá bá sì ń ga sí i, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ ń pọ̀ sí i. Kí wá ló burú níbẹ̀? Mo mọ̀ pé nǹkan kan burú, ṣùgbọ́n n kò tíì lè fọwọ́ sọ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó yàrá àyẹ̀wò níbẹ̀ ló là mí lójú. Ó ní bàbá kan wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń mí gùlegùle, ó ti rìn kíákíá kó má bàa pẹ́. Ìkéde náà wà lára ògiri lọ́ọ̀kán ibi tí wọ́n ti ń dúró. Bàbá kà á tán kó tó kàn án. Nígbà tó wọlé, orí bẹ́ǹṣì tí kò ní ìfẹ̀yìntì ló jókòó sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ dáadáa, wọ́n ká apá aṣọ rẹ̀ sókè títí ó fi há mọ́ ọn lápá, ó sì ń bi nọ́ọ̀sì kékeré tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìbéèrè bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ gbé 168/98 jáde.

Bàbá wo nọ́ńbà yẹn. Ó bojú wẹ̀yìn wo ara ògiri. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé mo ṣì lè délé báyìí?”

Nọ́ọ̀sì àgbà ló dá sí i. Ó ní, “Bàbá, ẹ fara balẹ̀. A ò tíì yẹ̀ yín wò bó ṣe yẹ.” Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ tọ̀, nítorí pé ìtọ̀ tó kún inú máa ń gbé ìfúnpá sókè. Ó gbé àga tó ní ìfẹ̀yìntì sún mọ́ tábìlì, ó ní kí wọ́n fẹ̀yìn tì í, kí wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí wọ́n má sì gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Wọ́n bọ́ apá aṣọ náà kúrò pátápátá, wọ́n gbé apá lé orí tábìlì kó bá ọkàn dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn panu mọ́ fún ìṣẹ́jú 5. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò, ó jẹ́ 148/90. Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, 144/88.

Ìyàtọ̀ tó lé ní 20 lórí nọ́ńbà òkè nìyẹn, láì lo oògùn kankan. Kò sẹ́ni tó lè pín in pé ìrìn kíákíá gbé tó báyìí sókè, ọ̀rọ̀ sísọ gbé tó báyìí, ìbẹ̀rù gbé tó báyìí. Ohun tó dá nọ́ọ̀sì lójú ni pé ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, àti pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó ní, “Ìkéde wa ń sọ pé kí wọ́n wá yẹ ìfúnpá wò, òun náà ló sì ń ba àyẹ̀wò náà jẹ́.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Bàbá yìí ṣì ní ìfúnpá tó yẹ kí wọ́n fojú sí, nítorí pé 144 ju 140 lọ. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan bá gba 168 yẹn bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fún un ní oògùn tó ju èyí tó nílò lọ. Ọ̀nà kejì tún burú jù: ó lè lọ sílé kó má padà wá mọ́. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń ka ìkéde náà tán tí wọ́n á dìde, tí wọ́n á bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Àwọn onímọ̀ ti kíyè sí irú èyí tipẹ́. Ní 1992, Kim Witte, onímọ̀ nípa ìbánisọ̀rọ̀, ṣàlàyé pé bí ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ bá dẹ́rù bani gidigidi, tí ẹni tó gbọ́ ọ kò sì rí ohun tó lè ṣe sí i, kì í kojú ewu náà mọ́, ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ ló máa ń wá bí yóò ṣe lé kúrò lọ́kàn. Á ní irọ́ ni, tàbí kó yí ojú sí ibòmíì. Bí ìkìlọ̀ náà bá sì fi ohun tó ṣeé ṣe hàn án, tó sì gbà pé agbára òun ká a, ó máa ń gbé ìgbésẹ̀. Nínú ìkéde ilé ìwòsàn yìí, gbólóhùn mẹ́rin ló ń dẹ́rù bani. Ẹyọ kan péré ló sọ ohun tí ènìyàn lè ṣe, òun náà sì ń pariwo.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ lórí 140/90

Àwọn àgbà máa ń ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ọ̀rọ̀ yìí dára láàárín àwọn tó mọ ara wọn. Lára ògiri ilé ìwòsàn, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀, nítorí pé bí àbọ̀ ọ̀rọ̀ bá dé inú ẹni tẹ́rù ń bà, ìbẹ̀rù ni yóò fi kún àbọ̀ yòókù. Nítorí náà, ohun tí mo pinnu láti ṣe kì í ṣe kí n rẹ òótọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan di odidi ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí 140/90. Nọ́ńbà òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan nígbà tí ọkàn bá fún ẹ̀jẹ̀ jáde, tìsàlẹ̀ sì ni ti ìgbà tí ọkàn bá ń sinmi láàárín ìlù méjì. Méjèèjì ń lọ sókè sódò láàárọ̀ dé alẹ́ lára ẹni tí kò ní àìsàn rárá. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ pé ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n ti rí nọ́ńbà náà kí wọ́n tó pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìkéde àkọ́kọ́ fi gbogbo èyí sílẹ̀, ó sì sọ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo di ìdájọ́.

Àṣìṣe kékeré kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í rí. “Kọjá 140/90” lè mú kí ènìyàn rò pé àfi kí méjèèjì ga pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí tòkè rẹ̀ jẹ́ 150 tí tìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 80 wà lára àwọn tó yẹ kí wọ́n tún yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí tòkè rẹ̀ jẹ́ 140 géérégé, tí kò tíì kọjá. Ohun tí mo kọ rọ́pò rẹ̀ ni pé: “Bí nọ́ńbà òkè bá jẹ́ 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí tìsàlẹ̀ bá jẹ́ 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a óò tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn kí a tó pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru.” Ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó péye jù ú lọ, kò sì dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Mo bi dókítà wọn léèrè ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé, nítorí pé àlà náà kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Láti 2017 ni àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà ti ń lo 130/80, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ibi ń lo 135/85 fún àyẹ̀wò tí ènìyàn bá ṣe nílé ara rẹ̀. Dókítà ní 140/90 làwọn ń lò, ó parí. N kò kó àwọn nọ́ńbà yòókù sínú ìkéde náà. Ẹni tó ń dúró de àyẹ̀wò kò nílò àlà mẹ́ta. Èyí tí wọ́n máa fi yẹ òun wò ló nílò.

Mo tún yí “rẹ” padà sí “yín”. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù lára àwọn tó ń ka ìkéde náà, kò sì sí nọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀ tó jẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójúkojú.

Ìlọ́po méjì ti kí ni?

Gbólóhùn ìlọ́po méjì ló gba àkókò mi jù. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2002, tí wọ́n fi kó àkọsílẹ̀ nǹkan bí àgbàlagbà mílíọ̀nù kan jọ, fi hàn pé láàárín ọmọ ọdún 40 sí 69, bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 ga sí i, ewu kí àrùn rọpárọsẹ̀ pani ń ju ìlọ́po méjì lọ. Òótọ́ tí wọ́n gùn lé nìyẹn. Ṣùgbọ́n “ìlọ́po méjì” nìkan kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò mọ iye tí a sọ di méjì.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1995. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ààbò oògùn kéde pé irú oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan ń sọ ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan di ìlọ́po méjì. Òótọ́ ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ ni pé nǹkan bí obìnrin 1 nínú 7,000 ló di nǹkan bí 2 nínú 7,000. Àìmọye obìnrin ju oògùn wọn nù, oyún tí wọn kò fẹ́ pọ̀ sí i, iye oyún tí wọ́n ṣẹ́ sì fò sókè ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Oyún àti ìbímọ fúnra wọn sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ju oògùn náà lọ. Kò sí nọ́ńbà kan tó parọ́ nínú ìkéde yẹn.

Nítorí náà, mo yọ ìlọ́po méjì kúrò, mo sì lọ wá apá òótọ́ tí ẹni tó ń kà á lè lò. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ lórí oògùn ìfúnpá, tó jáde ní 2016, fi hàn pé bí nọ́ńbà òkè bá wálẹ̀ pẹ̀lú 10, àrùn rọpárọsẹ̀ máa ń dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Síbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin náà lè tan ènìyàn jẹ bíi ti ìlọ́po méjì, ìyàtọ̀ wọn kò ju pé ó ń dùn mọ́ni lọ. Ká ní nínú 100 ènìyàn tó rí bákan náà, àwọn 8 ni àrùn náà ì bá mú láàárín ọdún mẹ́wàá. Bí gbogbo wọn bá mú ìfúnpá wọn wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, á di 6. Méjì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, 92 kò ní in láti ìbẹ̀rẹ̀, 6 ṣì ní in. Àpẹẹrẹ tí mo fi ṣàlàyé fún dókítà nìyí, kì í ṣe iye ti ẹnì kan pàtó, nítorí pé ọjọ́ orí, sìgá àti ìtọ̀ ṣúgà ń yí i padà. Nígbà tí a wò ó, a fi gbogbo nọ́ńbà sílẹ̀ fún yàrá dókítà, níbi tí ẹni náà ti lè béèrè tirẹ̀. Lára ògiri, a kọ ọ́ pé: “Bí ìfúnpá bá wálẹ̀, kódà díẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn ń dín kù.”

Ibi tí kò gbọdọ̀ rọ̀

Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Mo gba èyí gbọ́. Ṣùgbọ́n mo bi dókítà ní ìbéèrè kan kí n tó máa bá ìfọ̀kànbalẹ̀ lọ: ta ni ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí lè pa lára? Ó dárúkọ ẹni méjì.

Àkọ́kọ́ ni ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí ìkọlù ọkàn ti ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ojú bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá kú tipiri, tí ọ̀rọ̀ bá lọ́, tí àyà bá ń fún pinpin tàbí tí èémí kò já gaara, kò gbọdọ̀ jókòó fún ìṣẹ́jú 5 kankan. Kò tiẹ̀ gbọdọ̀ wá ẹ̀rọ ìfúnpá rárá, nítorí pé àrùn rọpárọsẹ̀ lè mú ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ga. Àwọn àmì yìí ni pàjáwìrì, ohun yòówù kí ẹ̀rọ sọ. Nọ́ńbà tó tó 180/120 láìsí àmì kankan yàtọ̀: kí ẹni náà sinmi, kó tún un yẹ̀ wò, bó bá ṣì ga bẹ́ẹ̀, kó bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹnì kejì ni aboyún, àti ìyálọ́mọ tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ lẹ́yìn ìbímọ. “A óò tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn” kò sí fún wọn. Bí ìfúnpá aboyún bá tó 140/90, ọjọ́ náà ni kó kàn sí ilé ìwòsàn, nítorí pé ó lè jẹ́ àìsàn oyún tó ń yára le. Bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi, tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tó ń rí iná wìnnìwìnnì, tí abẹ́ egungun ìhà ń dùn ún, tàbí tí ojú àti ọwọ́ wú lójijì, kó wá lójú ẹsẹ̀.

A kọ apá yìí ní gbólóhùn kúkúrú, a sì yà á sọ́tọ̀ nínú àpótí tirẹ̀. Kò sí “jọ̀wọ́” níbẹ̀, kò sí “ó ṣeé ṣe kí”. Nítorí pé ìyókù ìkéde náà rọlẹ̀ ni líle apá yìí ṣe hàn sójú. Ní ti ìkéde àkọ́kọ́, ariwo ni gbogbo rẹ̀, kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ pàjáwìrì gan-an.

Ohun tí àwọn tó kà á sọ

Ohun tó jáde nìyí, yàtọ̀ sí àpótí pàjáwìrì:

“Ẹ jẹ́ ká bá yín yẹ ìfúnpá yín wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀, ó sì ṣeé tọ́jú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in kì í mọ̀ ọ́n lára, ẹ̀rọ ló ń fi í hàn. Kí a tó yẹ̀ yín wò, ẹ lọ tọ̀, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ má sì sọ̀rọ̀ bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Bí nọ́ńbà òkè bá jẹ́ 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí tìsàlẹ̀ bá jẹ́ 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a óò tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn kí a tó pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ẹ bá lóyún tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ sọ fún wa lónìí. Bí ìfúnpá bá wálẹ̀, kódà díẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn ń dín kù.”

Nọ́ọ̀sì fi í han àwọn mélòó kan tó ń dúró de àyẹ̀wò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bi wọ́n bóyá ó yé wọn, nítorí pé “bẹ́ẹ̀ ni” ni gbogbo wọn yóò sọ. Kó bi wọ́n pé: “Bí ẹ bá ka èyí tán, kí lẹ máa ṣe?” Èsì púpọ̀ dára. Ṣùgbọ́n màmá kan tó ti ń lo oògùn tipẹ́ dáhùn pé, “Tèmi ti wálẹ̀ sí 128, n ó dá oògùn dúró nìyẹn.” Gbólóhùn ìkẹyìn wa ló ti fà á yọ, ó sì bọ́gbọ́n mu bó ṣe rò ó. A fi èyí kún un: “Bí ẹ bá ń lo oògùn tí ìfúnpá yín sì wálẹ̀, oògùn náà ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má dá a dúró láìbá dókítà sọ̀rọ̀.” Nígbà tí wọ́n tún fi í han màmá náà, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì yanjú. Aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá jẹ́ ẹyọ kan péré ní yàrá àyẹ̀wò náà, kò sì gba apá tó bá tóbi dáadáa. Bó bá fún ju bó ṣe yẹ lọ, nọ́ńbà tó ga ju òtítọ́ lọ ló máa ń gbé jáde, kò sì sí bí ìkéde ṣe lè tún ìyẹn ṣe. Wọ́n ti béèrè fún èyí tó tóbi. Kó tó dé, nọ́ọ̀sì ń fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ẹni tó bá kàn pé aṣọ náà fún un lápá, ó sì ń sọ fún ẹni náà kó tó dìde lórí àga.